Ìpín Ilé Wa Nínú Iṣẹ́ Epo

Ní ìlú wa, ojú kọ́ ni wọ́n fi ń pín ẹja. Bí àwọ̀n ńlá tí gbogbo ìlú jọ ń fà bá gúnlẹ̀, wọn á da ẹja sórí pákó níwájú ilé olórí ìlú, wọn á pín in sí òkìtì-òkìtì, iye òkìtì á sì ṣe déédéé iye ilé. Lẹ́yìn náà ni wọn á mú ọmọ kékeré kan kó kọ ẹ̀yìn sí ẹja. Àgbà kan á fi àjẹ̀ kan òkìtì kan, á béèrè pé, "Ta ló ni èyí?" Ọmọ tí kò rí nǹkan kan á dárúkọ ilé tó bá wá sí i lẹ́nu, ilé náà ló ni òkìtì yẹn. Bó pọ̀, bó kéré, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kùn. Opó tí kò ní ẹni tí yóò bá a fa àwọ̀n ń gba tirẹ̀ bí olówó ṣe ń gba tirẹ̀.

Èmi ni ọmọ yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ohùn mi ń dún ketekete, mo sì lórí kunkun: bí wọ́n bá ní kí n má wẹ̀yìn, òjò ì báà máa rọ̀, n kò ní wẹ̀yìn. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju ẹja tí wọ́n ń fi sí abọ́ mi lọ. Bí mo bá pa ojú dé báyìí, mo ṣì ń gbọ́ omi lábẹ́ pákó ilé wa, mo ń gbọ́ òórùn èéfín níbi tí ìyá mi ti ń yan ẹja, mo ń gbọ́ ohùn àwọn obìnrin tí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé dé ojú fèrèsé. Ibi tí mo máa ń dúró sí ti di òkun. Ó ń dùn mí. Àwọn ọmọ mi ní mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ jù, pé ṣebí ẹ̀fọn ló kún ibẹ̀. Kí ni wọ́n mọ̀?

Ìlú wa kò jìnnà sí Molutehin. Nígbà tí iléeṣẹ́ epo kan dé etí omi wa láti ri páìpù sínú irà, àwọn àgbà lọ bá wọn pé omi wa ni wọ́n fẹ́ gbà kọjá, kí wọ́n fún àwọn ọmọ wa níṣẹ́. Wọ́n gbà. Wọ́n ní àwọn yóò mú àwọn lébìrà tí yóò máa gbẹ́ irà, tí yóò sì máa ru páìpù, àti wẹ́dà kan tí yóò máa jó páìpù pọ̀. Owó oṣù wẹ́dà yìí, lébìrà mẹ́rin lè pín in kí inú wọn sì dùn. Àwọn àgbà gbé ìròyìn náà wálé, wọ́n sì ṣe ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe láti ayébáyé. Wọ́n to kọ́ọ̀kì tí ń mú àwọ̀n léfòó sórí pákó, kọ́ọ̀kì kan fún iṣẹ́ kan, wọ́n fi èyí tó tóbi jù dúró fún ti wẹ́dà, wọ́n sì ránṣẹ́ pè mí kí n wá kọ ẹ̀yìn.

Mo ti dárúkọ ilé bíi mélòó kan kí ohùn àgbà náà tó yí padà díẹ̀. Ó ní, "Ta ló ni èyí?" Bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ, ilé wa ni mo dárúkọ. Ariwo sọ. Àwọn kan ní mo wẹ̀yìn, àwọn kan ní ìyá mi ló kọ́ mi. N kò wẹ̀yìn o. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ará ilé bá fi ọ̀rọ̀ yẹn dá àpárá, inú mi ń bí mi bíi ti ọjọ́ yẹn gan-an.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni bàbá mi yàn. Òun ni àkọ́bí, apá rẹ̀ le, ó sì ti fi iléèwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin nítorí pé ọwọ́ kò tó lórí omi. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá ó ti fọwọ́ kan irin wẹ́dà rí. Ta ní ń béèrè bóyá ènìyàn mọ ẹja pa kí wọ́n tó fún un ní ìpín? Ìyá mi ro pupurú, ó fi ọbẹ̀ ẹja tútù tì í, a jẹun bí ẹni ń ṣọdún. Bàbá mi tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tí a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ dídọ̀tí kàn, ó sì fúnra rẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Kí oòrùn tó dé àtàrí, wọ́n ti padà dé. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, kò kí ẹnikẹ́ni, ó wọ yàrá lọ. Bàbá mi ló ròyìn. Ọ̀gá iṣẹ́, ọmọ Ìbàdàn kan báyìí, ló gbé páìpù kékeré méjì síwájú rẹ̀ pé kó jó wọn pọ̀ kí àwọn wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi di irin tí ń tan iná mú bí ẹni di ọ̀kọ̀ ẹja mú. Ó jó o, ó tún jó o, ó fi ojú lásán wo iná náà kí wọ́n tó já awò dúdú bò ó lójú. Nígbà tí wọ́n da omi sínú páìpù náà, omi gba gbogbo ojú ibẹ̀ jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dun ẹ̀gbọ́n mi ju ojú tó ń ta á lọ.

Inú bí àwọn àgbà. Ìpín ìlú ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn. Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n gba ibi iṣẹ́ lọ, bàbá mi mú mi dání torí pé mo ti ń sunkún pé mo fẹ́ lọ. Ọ̀gá náà kò bínú. Ó fún àwọn àgbà ní ìjókòó, ó ní òun kò kọ ìpín ẹnikẹ́ni. Ó ní bí lébìrà kan kò bá wá lónìí, òun á pe ẹlòmíràn, páìpù á sì dé ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo tí wẹ́dà bá jó, ó gbọ́dọ̀ gbé epo kọjá fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjò. Bó bá jò, epo ṣòfò, iṣẹ́ dúró, odò àwọn àgbà náà bàjẹ́. Ẹni tó lè ṣe é kí ó má jò kò pọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń sanwó fún un tó bẹ́ẹ̀.

Olórí ìlú ní, ó dáa, kí ó wá kọ́ ọmọ náà níṣẹ́ fún wọn. Ọ̀gá náà mi orí. Ó ní bí òun bá ná owó iléeṣẹ́ lé e lórí tó sì mọ iṣẹ́ tán, iléeṣẹ́ mìíràn á fi owó díẹ̀ lé ti àwọn, á sì gbé e lọ, nítorí pé irin kan náà ni wọ́n ń jó níbi gbogbo. Ta ni yóò dá owó àwọn padà? Ẹni tí yóò máa gbé iṣẹ́ náà kiri ni kó sanwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo bàbá mi, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí mo rò pé mi ò lè gbàgbé.

"Baba, iṣẹ́ lébìrà, mo lè pín in fún ìlú yín. Ti wẹ́dà kò sí lọ́wọ́ mi kí n tó pín in. Ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ló wà."

Wọ́n fi ti lébìrà rọ́pò rẹ̀ fún ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í ru páìpù. Ẹ má rò pé a jìyà nígbà náà o, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrẹsì wọlé wa, rédíò wọlé wa, ẹ̀gbọ́n mi ra bàtà aláwọ̀ ewé kan fún mi tí mo fi ń rìn lórí afárá pákó kí gbogbo ìlú lè gbọ́. Àwọn ọmọkùnrin kíláàsì wa ń fi iléèwé sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti lọ di lébìrà, torí owó ọjọ́ yẹn dùn ju bẹ́ńṣì lọ. Ṣùgbọ́n ọdún dé, ọdún lọ, owó lébìrà wà níbi tó wà. Wọ́n ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ nìkan ni, ẹni tó ń ru páìpù láti òwúrọ̀ dé alẹ́ ni ìbá máa fún wẹ́dà lówó.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Ó ń hun ẹní lọ́wọ́ nílẹ̀, kò gbójú sókè, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi lọ kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Òkìtìpupa. Bàbá mi rò pé ó ń ṣàwàdà. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un. Wọn á san owó ìkọ́ṣẹ́. Ọmọ á jẹun, á wọṣọ, kò sì ní mú kọ́bọ̀ wálé fún ọdún méjì. Èyí tó burú jù ni pé bó bá fi iṣẹ́ lébìrà sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ìpín náà á kúrò nílé wa, á lọ sí ilé mìíràn. Bàbá mi ní òun kò tíì rí ibi tí ènìyàn ti ń da ẹja inú agbọ̀n padà sínú omi, pé òun ń retí èyí tó tóbi jù.

Ọ̀rọ̀ bàbá mi mọ́gbọ́n dání, èmi gan-an sì wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ìrẹsì. Ìyá mi mú koríko odò kan nínú èyí tó fi ń hun ẹní, ó fi hàn án.

"Koríko kan náà ni gbogbo ìlú ń já. Ẹni tí kò mọ ẹní hun á fi dáná, èmi á fi jẹun. Ìgbà tí mo ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ iye tó bí mi, ta ló fún mi ní kọ́bọ̀? Jẹ́ kí ọma mi lọ."

Kò yé wọn lọ́jọ́ kan o. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò dá sí i. Ó kàn máa ń dúró lẹ́bàá wẹ́dà tí wọ́n gbé wá láti ibòmíràn, á máa wò ó títí wọn á fi pariwo mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kan bàbá mi lọ kó páìpù láti inú ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó rí èjìká rẹ̀ tí irin ti họ. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá. Àjẹ̀ ló fi wa ọkọ̀ náà padà wálé. A gbọ́ ohùn àjẹ̀ nínú omi kí a tó rí i, kò sì sí ẹni tó béèrè ibi tí ẹ́ńjìnnì wà. Ìyá mi bu omi ìwẹ̀ fún un. Mo rò ó wò lónìí, mo mọ̀ pé bí ẹ̀gbọ́n mi kò bá mọ iṣẹ́ náà, a kò ní ẹ́ńjìnnì mọ́, a kò ní ìpín lébìrà mọ́, bàbá mi a sì fi apá àgbà wa ọkọ̀ dé ojú ikú.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ìpín wa bọ́ sí ilé opó kan, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló gbà á. Ìrẹsì tán nílé wa, a padà sórí pupurú, rédíò kú, kò sí owó bátìrì. Èmi ni mo ń bá ìyá mi gbé ẹní lọ sí ọjà kí n tó lọ síléèwé ní Ode Mahin. Mo kùn, mo kùn títí, ìyá mi ní bí ìkùnsínú bá ṣe é tà, òun ìbá ti lọ́rọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá wálé ọdún, ojú rẹ̀ á pọ́n, ìka rẹ̀ á ti jóná, kò sì ní sọ ju pé òun ń kọ́ ọ.

Ìgbà kan tó wálé ló ní kí n mú ìwé ìṣirò mi wá. Ẹnu yà mí. Ó ní ọ̀gá òun mọ irin jó bí idán, ṣùgbọ́n bí àwọn oníkọ́ńtíráàtì bá gbé iṣẹ́ tó ní àwòrán wá, ọ̀gá òun kì í lè kà á, wọ́n á gbé e kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó lè kà á. Ọwọ́ àwọn méjèèjì kò ju ara wọn lọ, owó wọn ló ju ara wọn lọ. Òun náà ti lọ forúkọ sílẹ̀ ní iléèwé alẹ́. A jókòó sórí ẹní, èmi àbúrò ń kọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní ìdá méjì, ìdá mẹ́rin, ìdá mẹ́jọ. Mo gbéraga díẹ̀, ó sì jẹ́ kí n gbé e. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí àwọn àṣálẹ́ yẹn, tí ìyá mi ń yan ẹja, tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ó parí, ó ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù, ó sì padà lọ bá ọ̀gá ọmọ Ìbàdàn yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ọbẹ̀ ẹja tútù. Bàbá mi fi àjẹ̀ wà á lọ, èmi wà níwájú ọkọ̀. Wọ́n fún un ní àwòrán kan lórí bébà, kò sí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ó kà á, ó wọn páìpù, ó gé e, ó bo ojú rẹ̀, ó jó o. Wọ́n dí ẹnu páìpù náà lọ́wọ́ òkè àti ìsàlẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ ti omi kún inú rẹ̀ títí ọwọ́ aago rẹ̀ fi gòkè. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ń fi ìka rẹ̀ wá omi káàkiri ibi tí wọ́n jó. Ìka rẹ̀ gbẹ. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀ síbẹ̀, bí ẹni tó kó omi.

Ẹ̀gbọ́n mi di wẹ́dà. Mo kúrò lórí títa ẹní, ìrẹsì padà wálé, òrùlé wa di páànù tuntun. Ọdún kan kò tíì pé dáadáa tí wàhálà fi dé. Àsìkò tó tí ìlú máa ń tún ìpín iṣẹ́ ṣe lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kí ilé tí kò rí jẹ náà lè rí jẹ. Wọ́n to kọ́ọ̀kì. Ọmọ mìíràn ló ń kọ ẹ̀yìn báyìí, mo ti dàgbà kọjá rẹ̀. Kọ́ọ̀kì ńlá ti wẹ́dà wà níbẹ̀ láàárín wọn, nítorí pé ọmọ ìlú ló ń ṣe iṣẹ́ náà báyìí. Wọ́n kàn án, ọmọ náà dárúkọ ilé opó yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi lè fi wọ́n sílẹ̀, kí ó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ; iléeṣẹ́ kò ní lé e. Ṣùgbọ́n ní ìlú wa, ẹni tó bá jẹ ìpín opó kò ní rí ẹni tí yóò bá a sin òkú. Mo fẹ́ sọ pé ẹ́ńjìnnì ta ni wọ́n tà, èjìká ta ló họ. Bàbá mi, tí kì í sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé, ló dìde.

Ó ní, "Ìpín opó ni. N kò jiyàn. Ẹ gbé e fún un." Ó fa ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ síwájú àwọn àgbà. "Ẹ́ńjìnnì mi wà nínú ọwọ́ ọma yìí. Ẹ wá bí ẹ ó ṣe yọ ọ́."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí dé orí olórí ìlú. Opó yẹn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn jókòó, ó ń wo ọwọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi rí i. Ó ní kí àwọn àgbà má ṣe mú kọ́ọ̀kì náà kúrò nílé opó, ìpín rẹ̀ ni lóòótọ́. Kí ọmọ rẹ̀ máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun lọ́jọ́ ìsinmi àti nírọ̀lẹ́, òun á kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́, àbúrò òun á sì kọ́ ọ ní ìṣirò. Kò béèrè lọ́wọ́ mi kó tó yọ̀ǹda mi. Opó náà wá bá ìyá mi lọ́jọ́ kejì pé kó fi bí wọ́n ṣe ń hun ẹní han òun, kí ebi má baà lé ọmọ òun kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́.

Báyìí ni ìlú wa ṣe pín iṣẹ́ wẹ́dà níkẹyìn. Ọmọ opó kọ́ ọmọ ilé tó tẹ̀ lé tiwọn, ìyẹn náà kọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí iléeṣẹ́ yẹn kó ẹrù wọn lọ, àwọn lébìrà jókòó sílé, àwọn wẹ́dà tẹ̀ lé irin lọ sí Warri, lọ sí Èkó. Owó ẹ̀gbọ́n mi kò dínkù nítorí àwọn tó kọ́. Ìgbà mìíràn àwọn ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè é pé iṣẹ́ wà.

Lẹ́yìn náà ni òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wá. Ó jẹ ilé olórí ìlú, ó jẹ pákó tí wọ́n ti ń pín ẹja, ó jẹ ilé wa pẹ̀lú páànù rẹ̀. A kó lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá. Ojú bàbá mi ti fọ́ nígbà náà. Ó máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, á máa fetí sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ lórí omi, á máa sọ fún wa èyí tó ń ṣe dáadáa àti èyí tí wọ́n ń fìyà jẹ. Ọjọ́ kan ẹ̀gbọ́n mi wálé láti ibi iṣẹ́. Mo ń yan ẹja nítòsí wọn. Bàbá mi wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ rí, ó fi ìka gbá a mú, ó ń tọ pinpin gbogbo àpá iná tó wà lára rẹ̀. Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo ń yí ẹja lórí iná.

Ó ní, "Ta ló ni èyí?"

N kò wẹ̀yìn. Mo dárúkọ ilé wa.